Iye Ọ́dà àti Iye Owó: Ìròyìn Oṣù Ojú-ewé Kan fún Ṣọ́ọ̀bù Aṣọ ní Àkúrẹ́

Ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan wà nítòsí ojú ọ̀nà Arákálẹ̀ ní Àkúrẹ́, níbi tí ìyá kan ti ń ta léèsì, àǹkárá àti gèlè. Àwọn tó ń kọjá lọ máa ń yà rà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ayẹyẹ ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ti ń wá. Wọ́n á fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù, wọ́n á sọ iye tí wọ́n fẹ́, wọ́n á san díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ títí ọjọ́ ayẹyẹ á fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Nítorí náà, ọ́dà lè wọlé lóṣù Kẹjọ kí owó rẹ̀ tó pé lóṣù Kẹwàá.

Ọmọbìnrin tó ń bá ìyá náà tajà ló ń ṣe ìròyìn oṣù. Ó mọ Excel lò dáadáa. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ó tẹ ojú-ewé mẹ́ta jáde, pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ mèremère tó ń fi bí ọjà ṣe ń lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ hàn. Lókè pátápátá ló kọ ọ́ sí pé ọjà oṣù náà jẹ́ ₦4,860,000, pé oṣù Kẹjọ jẹ́ ₦3,740,000, àti pé ìtẹ̀síwájú 30% ti wà. Ìlà yẹn nìkan ni ìyá náà kà. Ó ká ìwé náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í múra àtilọ sí Balógun ní Èkó láti lọ ra ọjà mílíọ̀nù méjì àbọ̀.

Nígbà tó wo àkáǹtì rẹ̀, owó tó bá níbẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó fẹ́ ná. Ó pè mí, èmi tí mò ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé owó.

“Ọmọ mi, ìwé ní mo ta ọjà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù márùn-ún. Ta ló wá kó owó náà?”

Mo mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lọ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ. Bí ìwé bá ti sọ pé ọjà lọ tí owó ò sì sí nílẹ̀, ẹni tó dúró nídìí owó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Ọmọ náà jókòó ní igun ṣọ́ọ̀bù, kò lè gbójú sókè.

Òkìtì àkọsílẹ̀ méjì ni mo bá níbẹ̀. Èkíní ni ìwé ọ́dà: gbogbo ohun tí àwọn oníbàárà ní kí wọ́n kó sílẹ̀ fún àwọn, yálà lórí fóònù tàbí ní ṣọ́ọ̀bù. Èkejì ni ẹ̀rí owó, ìyẹn rìsíìtì fún owó tí wọ́n san lọ́wọ́, bébà tí ẹ̀rọ píóẹ́ẹ̀sì ń tẹ̀ jáde lálaalẹ́, àti sítétíméǹtì báǹkì fún tiránsífà. Òkìtì kìíní nìkan ni ọmọ náà ti mú ₦4,860,000 rẹ̀. Kò purọ́, kò sì jalè. Ohun tí àwọn èèyàn bèèrè ló kà, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ mọ̀ ni ohun tí wọ́n ti san.

A bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ́dà. Wọ́n jẹ́ 118 nínú ìwé. Márùn-ún nínú wọn ni àwọn oníbàárà ti fagi lé kí oṣù tó parí, àpapọ̀ ₦310,000, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò yọ wọ́n nítorí ó fi àwọ̀ pupa kùn wọ́n lójú ìwé, Excel kì í sì í wo àwọ̀ bó bá ń ro iye. Ọ̀nà tó dára ni kí òpó kan wà tí a ó máa kọ “ó ń lọ” tàbí “ó ti fagi lé” sí, kí ìṣirò lè rí i kà. Lẹ́yìn tí a yọ wọ́n, ó ku ₦4,550,000.

A wá bọ́ sórí owó, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Owó ọwọ́ jẹ́ ₦985,000. Inú rìsíìtì ni mo ti mú un, n kò ka owó inú dúrọ́ọ̀, nítorí inú dúrọ́ọ̀ kan náà ni wọ́n ti ń mú owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá ka dúrọ́ọ̀ á dín ọjà kù láìmọ̀.

Ti píóẹ́ẹ̀sì jẹ́ ₦1,190,000 lórí bébà ẹ̀rọ náà. Nígbà tí a wò ó ní báǹkì, tí a sì yọ èyí tó jẹ́ ti òpin oṣù Kẹjọ kúrò, ó dín ní ₦79,580. Ìyá náà pariwo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò le: Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án bọ́ sí, ọjọ́ kejì rẹ̀ sì jẹ́ ìsinmi òmìnira, nítorí náà ₦74,000 tí àwọn oníbàárà fi káàdì san lọ́jọ́ Ajé yẹn, ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ló tó dé inú àkáǹtì. Ìyókù, ₦5,580, ni owó tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ oníṣòwò nígbà náà lórí ìsanwó káàdì, ìyẹn ìdajì náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà, tí kì í sì í kọjá ₦1,000 lórí ìsanwó kan. Fún ìròyìn ọjà, iye tó wà lórí bébà ẹ̀rọ ni kí a lò, ọjọ́ tí oníbàárà san ni kí a sì kà. Owó tí báǹkì yọ jẹ́ ìnáwó, kì í ṣe ọjà tí kò lọ.

Tiránsífà ló gba àkókò jù. ₦2,310,000 ló wọ àkáǹtì náà láàárín oṣù. Àkáǹtì kan ṣoṣo ni ìyá náà ní, òun ló fi ń ṣòwò, òun ló fi ń gbọ́ bùkátà ilé. Nínú owó yẹn, ₦200,000 jẹ́ àjọ tó kó, ₦70,000 sì jẹ́ owó tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi ránṣẹ́. A yọ méjèèjì, ó ku ₦2,040,000. Kò sí ẹ̀rọ tó lè bá èèyàn ṣe èyí. Ìyá náà jókòó tì mí, mò ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan lórí sítétíméǹtì, òun náà ń dáhùn.

Lẹ́yìn náà a ní láti so owó kọ̀ọ̀kan mọ́ ọ́dà rẹ̀. Orúkọ kì í bára mu. Ìyàwó ló ra aṣọ, àkáǹtì ọkọ ló ti san owó. Ẹlòmíràn ní kí àbúrò òun tó wà ní ìlú mìíràn bá òun san án. Ohun mẹ́ta ni mo fi ń so wọ́n: iye owó, ọjọ́, àti àwòrán ẹ̀rí ìsanwó tí oníbàárà fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Àwòrán náà wúlò láti mọ ẹni tó ni owó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí pé owó wọlé. A rí ọ̀kan tó jẹ́ ₦35,000 tí kò sí lórí sítétíméǹtì rárá, a sì kọ ẹni náà sílẹ̀ bí ẹni tí kò tíì san.

Bí a ti ń bá a lọ, mo fún ọ́dà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó gbé oṣù rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ́dà oṣù Kẹjọ bẹ̀rẹ̀ láti K8-001, ti oṣù Kẹsàn-án láti K9-001. Ní ojú ìwé owó, òpó B gba nọ́ńbà ọ́dà, òpó D gba iye. Ìlà kan péré ló wá kù láti mọ iye tí a san lóṣù Kẹsàn-án fún ọ́dà oṣù Kẹjọ:

```
=SUMIFS(D:D, B:B, "K8-*")
```

Èsì rẹ̀ jẹ́ ₦1,020,000. Nígbà tí a fi “K9-*” rọ́pò, ó mú ₦3,130,000 wá. Ẹnì kan wà tó ti san ₦65,000 sílẹ̀ kó tó fagi lé ọ́dà rẹ̀, wọ́n sì dá owó rẹ̀ padà. A kọ ọ́ sínú ìwé owó kan náà pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú rẹ̀, lábẹ́ nọ́ńbà ọ́dà kan náà, kó lè pa ara rẹ̀ rẹ́. Àpapọ̀ owó ọjà tó wọlé lóṣù náà wá jẹ́ ₦4,150,000.

Ní báyìí, mo fẹ́ yẹ ìṣirò náà wò. Ìyá náà ní ìwé kékeré kan nínú àpò rẹ̀ tó ń kọ àwọn onígbèsè rẹ̀ sí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìwé yẹn ló wúlò jù fún mi lọ́jọ́ náà, nítorí pé kò ti inú Excel ọmọ náà wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ₦1,450,000 ló wà níta. Bí a bá fi ọ́dà tuntun kún un, tí a yọ owó tó wọlé, iye tó yẹ kó kù níta ní ìparí oṣù ni ₦1,850,000. Ìwé inú àpò sọ pé ₦1,670,000. Wọ́n fi ₦180,000 yàtọ̀ síra.

Àwa tó ń ṣe ìwé owó mọ̀ pé bí ìyàtọ̀ bá ṣe é pín sí mẹ́sàn-án láìkù, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti gbé nọ́ńbà méjì sí ipò ara wọn, bíi kó kọ 420,000 dípò 240,000. ₦180,000 pín sí mẹ́sàn-án dáadáa, nítorí náà a kọ́kọ́ wá irú rẹ̀. A kò rí i. A wá yí padà, a wá ₦180,000 fúnra rẹ̀ nínú ìwé ọ́dà, ni méjì bá yọ jáde: léèsì mẹ́rin, ₦45,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkíní wá láti orí Wasáàpù lọ́jọ́ 11, lórúkọ “Ìyá Ìbejì”. Ìkejì wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ 14, lórúkọ tí wọ́n fi ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́. Nọ́ńbà fóònù kan náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó bèèrè lórí fóònù, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wá wo aṣọ, wọ́n sì tún un kọ. Ìyá náà mọ̀ pé ẹnì kan ni wọ́n, ìdí nìyẹn tí ìwé inú àpò rẹ̀ kò fi ṣì í.

A yọ ọ̀kan. Ọ́dà oṣù Kẹsàn-án di 112, iye rẹ̀ di ₦4,370,000, gbèsè ìparí oṣù sì di ₦1,670,000 ní ọ̀nà méjèèjì. Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó lè fi ìdánilójú sọ pé kò sí owó tó sọnù.

Bí a bá dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀, ìròyìn náà ì bá jóòótọ́, ṣùgbọ́n ì bá ṣì tan ìyá náà jẹ. Mo ní kí ọmọ náà fọ oṣù Kẹjọ bí a ti fọ oṣù Kẹsàn-án, nítorí èèyàn kì í fi ohun tí a ti ṣà wé ohun tí a kò ṣà. Ọ́dà ₦120,000 tí wọ́n fagi lé jáde níbẹ̀ pẹ̀lú, oṣù Kẹjọ sì di ₦3,620,000. Ìtẹ̀síwájú wá jẹ́ 21%, kì í ṣe 30%. Mo wá ní kó to ọ́dà oṣù Kẹsàn-án láti orí èyí tó tóbi jù. Èyí tó wà lókè jẹ́ ₦960,000: aṣọ ẹbí ìdílé kan, èèyàn mẹ́rìnlélógún, ₦40,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tóbi jù lóṣù Kẹjọ kò ju ₦150,000 lọ.

Mo yọ ọ́dà kan yẹn láti wo bí ìyókù ṣe rí. Ó ku ₦3,410,000. Ìyẹn ni pé láìsí ayẹyẹ yẹn, ọjà oṣù Kẹsàn-án fi bíi 6% kéré sí ti oṣù Kẹjọ. Àwọn oníbàárà ojoojúmọ́ ń dín kù, ayẹyẹ kan ló bò ó mọ́lẹ̀. Ọjà tí ìyá náà sì fẹ́ lọ kó ní Balógun, àwọn ojoojúmọ́ wọ̀nyí ló fẹ́ tà á fún.

Mo tún béèrè ibi tí aṣọ ẹbí náà wà. Ìlànà ṣọ́ọ̀bù ni pé aṣọ kì í jáde títí owó á fi pé, ṣùgbọ́n ìyáàfin tó ṣe olórí aṣọ ẹbí náà bẹ̀bẹ̀ pé télọ̀ ń dúró, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Èèyàn mẹ́wàá ti san tiwọn, ₦400,000. Mẹ́rìnlá kù, ₦560,000. Bí a bá fi ₦430,000 tó kù láti oṣù Kẹjọ kún un, tí aṣọ tiwọn náà ti jáde, ₦990,000 ni owó tí kò sí aṣọ kankan ní ṣọ́ọ̀bù tó dúró fún un mọ́. ₦680,000 tó kù, aṣọ wọn ṣì wà lórí pẹpẹ. Gbèsè méjèèjì kò jọra rárá: èkejì, bí oníbàárà kò bá wá, a ó tún aṣọ náà tà; èkíní, àfi kí a lọ kan ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ìròyìn tí mo ti rí ní ìlú yìí ló máa ń pa wọ́n pọ̀ sórí ìlà kan.

Ojú-ewé tí a tẹ̀ nígbẹ̀yìn kò ní àwòrán aláwọ̀ kankan. Bó ṣe lọ nìyí:

*Oṣù Kẹsàn-án 2024. Ọ́dà pọ̀ ju ti oṣù Kẹjọ lọ, ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí kan ló fà á. Ìyókù ọjà dín kù díẹ̀.*

*Ọ́dà: 112, ₦4,370,000 (oṣù Kẹjọ: ₦3,620,000). Láìsí aṣọ ẹbí náà: ₦3,410,000.*

*Owó ọjà tó wọlé: ₦4,150,000. Ti ọ́dà oṣù yìí: ₦3,130,000. Ti oṣù Kẹjọ: ₦1,020,000.*

*Owó wa tó wà níta: ₦1,670,000. Aṣọ ti jáde: ₦990,000. Aṣọ ṣì wà nílé: ₦680,000.*

*Àyẹ̀wò: 1,450,000 + 4,370,000 − 4,150,000 = 1,670,000.*

*Ẹni tí a ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀: olórí aṣọ ẹbí, ₦560,000, èèyàn mẹ́rìnlá.*

Ọmọ náà fẹ́ kí a fi iye owó tí ọ́dà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ní ìpíndọ́gba kún un, ìyẹn nǹkan bíi ₦39,000. Mo kọ̀. Ọ́dà ńlá kan ṣoṣo ló gbé e dé ibẹ̀. Láìsí i, kò tó ₦31,000. Iye tí ayẹyẹ kan lè gbé sókè tó báyẹn kò lè ran oníṣòwò lọ́wọ́ láti mọ irú oníbàárà tó ń wọlé.

Ìyá náà ka ojú-ewé náà lórí ìdúró. Nígbà tó dé ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa ìyókù ọjà, ó padà sókè, ó sì tún un kà.

“Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé bí kì í bá ṣe ìnáwó àwọn èèyàn yẹn, ọjà mi ò lọ?”

“Ó lọ, Mọ́mì. Ó kàn dín díẹ̀ sí ti oṣù Kẹjọ ni. Oṣù kan ò sì tó láti fi sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá kí ẹ tó kó ọjà ńlá.”

Ó yíjú sí ọmọ náà. “Wá, gbé fóònù yẹn, pe ìyáàfin yẹn fún mi.” Ìyẹn nìkan ni ohun tó sọ fún un, ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ olè ti parí. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù Kẹwàá, mẹ́jọ nínú àwọn mẹ́rìnlá ti san, ₦320,000. Ìyá náà lọ sí Èkó, àmọ́ ọjà tó rà kò tó mílíọ̀nù kan, gèlè ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí òun ló ń yára tà.

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́ àwa tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé fò. Kí ọ́dà àti owó máa ní nọ́ńbà kan náà láti ọjọ́ kìíní, kí oníbàárà máa kọ ọ́ sí àlàyé tiránsífà rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, síso tó gba wákàtí púpọ̀ lọ́wọ́ wa kò gba ọmọ náà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń gbàgbé láti kọ ọ́. Kí gbèsè ìparí oṣù wá láti ibi méjì tí kò mọ ara wọn, nítorí iye tó bá ti inú fáìlì kan náà wá lẹ́ẹ̀mejì á máa bára mu bó tilẹ̀ jẹ́ irọ́. Kí a sì yọ ọ́dà tó tóbi jù wò kí a tó kọ ìlà àkọ́kọ́, pàápàá ní ìlú tí òpin ọ̀sẹ̀ kì í kọjá láìsí ayẹyẹ.

Ohun kan wà tí ojú-ewé náà kò lè ṣe, ìyá náà sì tètè rí i. Ó béèrè èrè. Mo sọ fún un pé kò sí níbẹ̀, kò sì lè sí níbẹ̀, nítorí ọ́dà àti owó kò sọ iye tó fi ra aṣọ, owó ọkọ̀ láti Èkó, tàbí owó ṣọ́ọ̀bù. Fún ìyẹn a nílò iye tó fi ra ìdì kọ̀ọ̀kan àti kíka ọjà tó wà lórí pẹpẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí oṣù. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ láti orí léèsì. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, òun àti ọmọ náà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.